Ẹ má gba omi lọ́wọ́ rẹ̀

"Ẹ jọ̀ọ́, láti ìgbà tí àbúrò mi ti ṣubú lórí ọ̀kadà, omi ló ń mu tọ̀sán tòru, ó sì ń tọ̀ ṣáá. Wọ́n ní kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà. Ṣé ká dín omi rẹ̀ kù ni?"

Ẹ má dín in kù o. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi nìyẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi.

Èmi náà ṣubú lórí ọ̀kadà n'Íbàdàn níbí, nítòsí Ìwó Róòdù, mo forí gbálẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ni ìtọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ń wọ̀n ọ́n sínú kẹ́ẹ̀gì: lítà 9 láàárín wákàtí 24, ó mọ́ bí omi òjò. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti ju lítà 3 lọ lóòjọ́, ó yẹ kí wọ́n wádìí rẹ̀.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ọpọlọ tó ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ki díẹ̀, omi á fà kúrò lára wọn, wọ́n á súnkì, wọ́n á sì ránṣẹ́. Họ́mọ̀nù fasopírẹ́sìnì ló ń kọ́kọ́ jáde, òun ló ń sọ fún kíndìnrín pé kó dá omi padà sínú ara. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún ki sí i ni òùngbẹ á wá dé. Nígbà tí mo forí gbálẹ̀, ibi tí họ́mọ̀nù yẹn ń gbà jáde ló bà jẹ́. Òùngbẹ nìkan ló kù tó ń ṣọ́ mi.

Ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ ní omi tí mò ń mu ló fa ìtọ̀, wọ́n bá gbé omi kúrò. Ìtọ̀ ò dáwọ́ dúró. Kílẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ mi ti ń dàrú. Sódíọ̀mù mi, ìyẹn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, ti di 156 mmol/L, bẹ́ẹ̀ 135 sí 145 ló yẹ kó wà.

Nígbà tó yá, dókítà mìíràn fi omi dù mí lójú ara rẹ̀, ó ń wọn ìwúwo mi ní wákàtí wákàtí kó lè tètè dá a dúró. Ẹni tó kàn ń mu omi jù, ìtọ̀ rẹ̀ á ki bí omi bá wọ́n. Tèmi ò ki. Wọ́n wá fún mi ní dẹsimopírẹ́sìnì, oògùn tó ń ṣiṣẹ́ bíi họ́mọ̀nù yẹn, ìtọ̀ mi sì ki. Bí kò bá ki ni, á jẹ́ pé kíndìnrín ni kò gbọ́ràn sí họ́mọ̀nù náà lẹ́nu. Ẹ má ṣe dán àyẹ̀wò yìí wò nílé láé.

Oògùn náà ní ewu tirẹ̀. Mò ń lò ó, mo sì tún ń mu omi bíi ti tẹ́lẹ̀ nítorí ó ti mọ́ mi lára. Orí fọ́ mi, mo bì, sódíọ̀mù já sí 123. Ní báyìí, òùngbẹ nìkan ni mò ń tẹ̀ lé. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bí dókítà mi ṣe ní kí n ṣe, mo máa ń dúró kí ìtọ̀ tún ya jáde kí n tó lo oògùn tó kàn.

Ẹ wọn ìtọ̀ rẹ̀ láti òwúrọ̀ ọ̀la di òwúrọ̀ kejì, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ sódíọ̀mù rẹ̀ wò lọ́la náà. Bó bá ń tòògbé jù tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lálẹ́ yìí.