Sáúńdìbáà lórí eARC: PCM nìkan ló ń yọ

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ti so sáúńdìbáà mọ́ tẹlifíṣọ̀n LG mi. Ohùn ń jáde, àmọ́ PCM ló máa ń kọ, kò kọ Dolby Atmos rí."

Ó jọ pé tẹlifíṣọ̀n yín ló ń tú ohùn náà sí PCM kó tó fi ránṣẹ́ sí sáúńdìbáà. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé ihò HDMI tí wọ́n kọ eARC sí ni wáyà wọ̀, lára tẹlifíṣọ̀n àti lára sáúńdìbáà. Àwọn ihò HDMI yòókù lára tẹlifíṣọ̀n kì í gbé ohùn jáde.

Ẹ wá wọ Settings, kí ẹ lọ sí Sound. Nínú Advanced Settings, ẹ tan eARC Support, kí ẹ sì gbé Digital Sound Output sí Pass Through. Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ wà. Bó bá wà ní PCM, tẹlifíṣọ̀n á ti tú Atmos ká kó tó dé ọ̀dọ̀ sáúńdìbáà. Pass Through kì í fọwọ́ kàn án rárá.

Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ Blu-ray lẹ fi ń wo fíìmù, ẹ yí tirẹ̀ náà sí Bitstream, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ PCM yẹn kò ní lọ. Bí ohùn bá wá ń já lẹ́yìn èyí, wáyà ni kí ẹ fura sí. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ Ultra High Speed sí.