Orúkọ àti ipò àwọn tí yóò fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò

“Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, éjẹ́ǹtì kan tó ń bá ilé iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àkọ́kọ́ ní Ìkẹjà, iṣẹ́ akáúǹtì ni. Kò sọ àwọn tí mo máa bá níbẹ̀. Ṣé mo lè bèèrè orúkọ àti ipò wọn, àbí wọ́n á ní mo ti ń ṣe àṣejù?”

Bèèrè, àbúrò mi. Inú èsì tí o máa fi sọ pé ọjọ́ tí wọ́n dá bá ọ lára mu ni kí o fi sí. Bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ nìyí: “Ẹ ṣé gan-an, màá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ní aago mẹ́wàá. Ẹ jọ̀wọ́, àwọn wo ni mo máa bá sọ̀rọ̀, kí sì ni ipò wọn? Mo fẹ́ fi múra sílẹ̀ ni.”

Ipò yẹn gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá wá láti ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ á fẹ́ gbọ́ iye owó oṣù tó ò ń retí, ìdí tó o fi fẹ́ kúrò níbi tó o wà, àti ìgbà tó o lè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó máa di ọ̀gá rẹ, iṣẹ́ ló máa bi ọ́.

Nígbà tí èmi náà ń wá iṣẹ́ akáúǹtì ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ta símẹ́ǹtì, éjẹ́ǹtì ní ọ̀gá akáúǹtì àti ọ̀gá sítọ́ọ̀ ni mo máa bá sọ̀rọ̀. N kò rí ọ̀gá sítọ́ọ̀ yẹn lórí LinkedIn rárá, àmọ́ ipò rẹ̀ ti tó mi. Kí ló máa gbé ẹni sítọ́ọ̀ wá síbi ọ̀rọ̀ akáúǹtì, bí kì í bá ṣe pé ọjà inú ìwé àti ọjà ilẹ̀ kì í bára mu? Ibẹ̀ ni mo múra sí. Kò pẹ́ tí mo jókòó tí ọ̀gá sítọ́ọ̀ fi bi mí pé: ìwé ní àpò símẹ́ǹtì 400, sítọ́ọ̀ ní 388, kí ni màá kọ́kọ́ ṣe? Mo ní n kò ní fọwọ́ kan ìwé ná. A ó tún ọjà kà, lẹ́yìn náà màá wo wèébíìlì ọjọ́ tó kẹ́yìn, bóyá ọkọ̀ kan ti kó ẹrù jáde tí a kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ẹrù ni màá wá lọ. Ó gbójú sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé wàhálà sítọ́ọ̀ tiwọn fún mi.

Bí éjẹ́ǹtì bá ní òun kò tíì mọ̀, ó lè jẹ́ òótọ́. Ilé iṣẹ́ lè má tíì yan àwọn tó máa jókòó. Àwọn míì kì í fẹ́ dárúkọ èèyàn sílẹ̀. Bi í ní ipò wọn àti iye tí wọ́n máa jẹ́, má tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Tó o bá rí orúkọ, kà nípa wọn, ṣùgbọ́n má kọ̀wé sí wọn ṣáájú ọjọ́ náà.

Àmọ́ tí kò bá lè dárúkọ ilé iṣẹ́ gan-an, tó wá ní kó o san owó fọ́ọ̀mù kó o tó wá, má lọ.