Àkọlé mẹ́wàá tó wọ aṣọ ẹbí

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Mo ń bá àwọn onílé ní Aṣerífà wá akẹ́kọ̀ọ́ tó máa gba yàrá. Mo kọ ojú ewé kan, mo pè é ní "Best Student Hostel in Ile-Ife", àmọ́ kò sẹ́ni tó ń rí i lórí Gúgù. Kí làwọn tó wà níwájú ń kọ tí èmi ò kọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣí fèrèsé Incognito kẹ́ ẹ tó wá nǹkan kan, torí Gúgù tó ti mọ̀ yín lè máa gbé ewé tiyín síwájú fún yín nìkan. Incognito ò ní fi ibi tẹ́ ẹ wà pa mọ́, ìyẹn ò sì burú, Ifẹ̀ náà la ń wá. Ẹ tẹ `student hostel in ile-ife`, ẹ fo àwọn tí wọ́n kọ Sponsored sí, kẹ́ ẹ da àkọlé mẹ́wàá tó kù kọ sínú ìwé. Bíró ti tó.

Ẹ wá gé àkọlé kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́: ṣé ó dárúkọ àdúgbò, àbí Ifẹ̀ lásán? Ṣé owó wà níbẹ̀? Ọdún ńkọ́? Ká ní méje nínú mẹ́wàá sọ "Best" tàbí "Affordable", méjì fi ọdún sí i, kò sì séyìí tó dárúkọ Aṣerífà tàbí iye owó ilé. A jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ló wọ aṣọ ẹbí, tiyín náà sì rán an. Báwo la ṣe fẹ́ dá yín mọ̀?

Àmọ́ àyè tó ṣófo lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń wá a. Ẹ rọra tẹ `hostel in asherifa`, kẹ́ ẹ wo ohun tí Gúgù ń jù sílẹ̀ lábẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ wá a, kẹ́ ẹ sì wo àwọn ìbéèrè tó wà lábẹ́ People also ask. Àdúgbò kan ṣoṣo nìyí, Gúgù lè máà jù nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ rántí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń bi yín lórí fóònù: bó bá jẹ́ "Èló ni?" àti "Ṣé ó jìnnà sí géètì?", àyè yẹn kì í ṣe òfìfo lásán. `intitle:asherifa hostel` á sì fi ẹni tó ti lo orúkọ náà nínú àkọlé hàn yín.

Ohun kan máa ń tan èèyàn jẹ. Gúgù lè yí àkọlé padà, kó mú ọ̀rọ̀ látinú ewé náà dípò èyí tí oníǹkan kọ. Nítorí náà, ẹ ṣí méjì tàbí mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ wo orúkọ tó wà lórí táàbù.

Ẹ tún wo irú ewé tó wà níbẹ̀. Bí mẹ́jọ nínú wọn bá to ilé rẹpẹtẹ jọ, tiyín sì jẹ́ ilé kan ṣoṣo, àkọlé nìkan kò lè gbà yín. Ẹ kó gbogbo ilé tẹ́ ẹ ní ní Aṣerífà sójú kan, pẹ̀lú owó ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ pè é ní "Asherifa Hostels near OAU: Rooms and Rent". Aṣerífà ló yẹ kó ṣáájú, torí bí àkọlé bá gùn, ìparí rẹ̀ ni Gúgù máa ń gé dànù.