Nígbà tí ìdajì orúkọ nìkan ló kù lọ́kàn

Ìbéèrè: Mo pàdé ọkùnrin kan nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. A jọ kàwé ní Òǹdó ní nǹkan bí ọdún 27 sẹ́yìn, ó sì pe orúkọ mi délẹ̀délẹ̀. Èmi mọ̀ pé “Akin” ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìyókù ti pòórá. Mo ní mo ń kánjú, mo sì sá lọ. A óò tún pàdé níbi ìsìnkú kan ní oṣù tó ń bọ̀. Báwo ni kí n ṣe kí i tí kò fi ní rò pé mo tàbùkù òun?

Ìdáhùn: Ohun tó lé yín sá ni pé ẹ rò pé orúkọ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ìkíni. Nínú èdè wa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹnì kan ń ṣe, tàbí ohun tó wà láàárín ẹni méjì, ni a fi ń kí ara wa: ẹni tó jókòó, a kí i kú ìjókòó, ẹni tó ń ṣiṣẹ́, a kí i kú iṣẹ́, ẹni tí a kò fojú kàn láti ọdún pípẹ́, a kí i kú àtijọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí ẹ sì wí pé, “Háà, ojú yín rèé! Ẹ kú àtijọ́ o,” ìkíni náà ti pé, kò sí ohun tó kù níbẹ̀ tí orúkọ yóò dí.

Ẹ lo “ẹ” fún un, bí ẹ tilẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Láàárín ọdún 27, ẹgbẹ́ ẹni lè ti di àna ẹni pàtàkì tàbí kí ó ti joyè, bí ẹ bá sì rí ìlẹ̀kẹ̀ oyè ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, “Olóyè” ni kí ẹ pè é, ọ̀rọ̀ orúkọ sì ti rọjú nìyẹn. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí ẹ má ṣe ẹ̀yin-ẹ̀yin fún òun, ẹ lè padà sí “ìwọ”. Kí a ti “ẹ” bọ́ sí “ìwọ” kò le, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti “ìwọ” gòkè padà sí “ẹ” lójú agbo, gbogbo ènìyàn ni yóò mọ̀ pé ó ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Lẹ́yìn ìkíni, ẹ sọ ohun kan tí ẹ rántí nípa rẹ̀, kì í ṣe nípa ilé ẹ̀kọ́ lápapọ̀. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní èdè Yorùbá ní ìpínlẹ̀ yìí, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí àgbàlagbà kan kì í dá mi dúró lọ́nà pé, “Tíṣà, ẹ rántí mi?” Nígbà tí mo bá dáhùn pé, “Ìwọ lo máa ń jókòó sídìí fèrèsé, tí o máa ń fi ẹ̀yìn pẹ́ńsùlù lu tábìlì,” ojú rẹ̀ á ti tàn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ rárá. Ohun tó ń béèrè ni bóyá òun ní àyè lọ́kàn mi.

Ẹ jẹ́ kí á wá bọ́ sórí ìdajì orúkọ, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe. Orúkọ Yorùbá sábà máa ń ní iwájú àti ẹ̀yìn. Iwájú rẹ̀, bíi Akin, Adé, Olú tàbí Ifá, a máa jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀, ó sì lè jẹ́ ti agbo ilé kan lódidi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń yà á sọ́tọ̀ láàárín wọn: Akínwálé, Akínyẹmí, Akínbọ̀dé, Akínṣọlá. Ìdí nìyẹn tí iwájú fi kù sí yín lọ́kàn, nítorí pé ní Òǹdó, etí yín ti gbọ́ “Akin” lára àìmọye ènìyàn, ṣùgbọ́n ara òun nìkan ni ẹ ti gbọ́ ìyókù.

Ẹ má ṣe fi ẹ̀yìn míì kún un ní ìméfò. Bí ẹ bá pe Akínyẹmí ní Akínwálé, ọmọ ẹlòmíràn ni ẹ pè. Ẹ lè pe “Akin” lásán, ṣùgbọ́n bí a bá ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà náà nìkan ni. Ẹ fara balẹ̀ rántí bí wọ́n ṣe máa ń ké pè é lórí pápá: bó bá jẹ́ “Wálé” tàbí “Yẹmí” ni, “Akin” yóò dún létí rẹ̀ bí orúkọ àlejò. Ẹ̀yìn orúkọ tún ní àǹfààní mìíràn, ìyẹn ni pé kì í sábà yí padà. Àwọn ìdílé kan ti fi Olú tàbí Jésù rọ́pò Ifá tó wà níwájú orúkọ wọn nítorí ẹ̀sìn. Ẹni tó ń jẹ́ Ifábùnmi tó wá di Olúbùnmi lè fajú ro bí ẹ bá pe ti àtijọ́, ṣùgbọ́n “Bùnmi” yóò bá a mu títí.

Bí ẹ̀yìn orúkọ náà bá kọ̀ tí kò wá títí di ọjọ́ náà, ẹ béèrè, kí ẹ sì tètè béèrè. Ẹ wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, iyè mi ra. Akin wà lẹ́nu mi, ẹ bá mi parí rẹ̀.” Bí ẹ bá sọ èyí ní ìṣẹ́jú kìíní tàbí ìkejì, lẹ́yìn tí ẹ ti sọ ohun tí ẹ rántí, ẹ̀rín ni yóò fi dáhùn. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí ẹ ti sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí, yóò mọ̀ pé ẹ ti ń díbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan a máa na fóònù sí ẹni náà pé kó tẹ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí i. Mo ti dán an wò rí: obìnrin náà tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ó dá fóònù padà, ó ní, “Ẹ fi orúkọ tí ẹ mọ̀ mí sí pa á mọ́.”

Àwọn ará ilé rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ jù. Nígbà kan, orúkọ obìnrin kan sọnù lọ́kàn mi, mo sì rò pé mo gbọ́n, mo fi orúkọ àkọ́bí rẹ̀ pè é ní ìyá ọmọ náà. Kò dáhùn. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀, ó wá rọra sọ pé ọmọ náà ti kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, “Gbogbo ilé ńkọ́?” ni mò ń béèrè, n kì í dárúkọ ìyàwó, ọkọ, òbí tàbí ọmọ títí ẹni náà yóò fi kọ́kọ́ dárúkọ wọn. Bó bá sọ pé bàbá òun ti lọ, “Ẹ kú ará fẹ́ra kù” ni ìkíni tó kàn. Bó bá jẹ́ ọmọ ni, ẹ ní “Ẹ kú ìrọ́jú,” kí ẹ má sì béèrè ohun tó pa á.

Bí ọkọ yín tàbí ẹlòmíràn bá máa bá yín lọ sí ìsìnkú náà, ẹ bá a sọ ọ́ kí ẹ tó kúrò nílé pé kó ṣáájú yín kí ọkùnrin náà, kó sì sọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tí a bá sọ orúkọ fún sábà máa ń sọ tirẹ̀ padà, nígbà tí ẹ bá sì gbọ́ ọ, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀.