Mo gé fídíò, sọbutáítù wá ń ṣáájú ẹnu

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi ffmpeg gé 12:30 sí 20:00 jáde nínú fídíò mkv kan, `-c copy` ni mo lò. Mo pa gbogbo ohun tó ṣáájú 12:30 rẹ́ nínú fáìlì srt tó gbé sọbutáítù rẹ̀, mo sì yọ 12:30 kúrò lára àkókò àwọn tó kù. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ń jáde ní bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí ẹni tó ń sọ ọ́ tó la ẹnu. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Ìdáhùn: Ìṣirò yín kò ní àbùkù. Fídíò tí ẹ gé ni kò bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ rò.

Fídíò kì í tọ́jú gbogbo àwòrán rẹ̀ lódindi. Yóò gbé ẹyọ kan tó pé kalẹ̀, èyí tí à ń pè ní kíífíréèmù, àwọn tó tẹ̀ lé e á wá máa sọ kìkì ohun tó yí padà. `-c copy` kì í tú fídíò palẹ̀, ṣe ló ń dà á kọ bó ṣe wà. Bí kò bá sí kíífíréèmù ní 12:30 gan-an, á padà sẹ́yìn lọ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó wà ṣáájú rẹ̀. Ìyẹn ni ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yín. Nínú mp4, ọ̀rọ̀ náà tún máa ń rú ènìyàn lójú jù báyìí lọ: fáìlì náà lè ní àkọsílẹ̀ pé kí wọ́n fo apá tó lé ṣáájú 12:30 yẹn, àwọn ẹ̀rọ kan á gbọ́, àwọn mìíràn ò ní gbọ́, ó wá dọ́gba lórí kọ̀mpútà, kò dọ́gba lórí fóònù.

Nítorí náà, iye tí ẹ máa yọ kì í ṣe iye tí ẹ pa láṣẹ, iye tí ẹ bá wọ̀n ni. Ẹ mú gbólóhùn kan tí ẹ lè dá mọ̀. Ká ní nínú srt àtijọ́, ó bẹ̀rẹ̀ ní 00:12:33,400. Ẹ ṣí fídíò tí ẹ gé, kí ẹ wo ìgbà tí ẹnu là sí i. Ká ní 00:00:06,600 ni. Ẹ yọ èkejì kúrò lára èkíní, ó ku 00:12:26,800. Ibẹ̀ ni fídíò yín ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, òun sì ni iye tí ẹ máa yọ lára gbogbo àkókò.

Ẹ padà sórí srt odindi, torí ẹ ti lè pa ọ̀rọ̀ tó wà láàárín 12:26,8 sí 12:30 rẹ́. Kí ẹ tó yọ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ tún etí rẹ̀ ṣe, nígbà tí àkókò àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹyọ ọ̀rọ̀ tó bá ti parí kí ó tó di 12:26,8, ẹ pa á rẹ́. Èyí tó la ààlà kọjá ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé:

```
214
00:12:25,900 --> 00:12:28,300
Mo ti sọ fún un.
```

Bí ẹ bá kàn yọ iye náà, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á bọ́ sábẹ́ òdo, srt ò sì ní ààyè fún ìyẹn. Ẹ sọ ìbẹ̀rẹ̀ di 00:12:26,800 ná, kí ẹ tó yọ ọ́. Ohun tó máa jáde nìyí:

```
1
00:00:00,000 --> 00:00:01,500
Mo ti sọ fún un.
```

Ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ tó gbólóhùn kékeré yẹn kà. Bó bá jẹ́ ìlà méjì gígùn ni, èmi á pa á rẹ́, torí kò sẹ́ni tó máa rí i kà. Bákan náà ní òpin: ẹyọ tó bá kọjá 00:20:00,000, ẹ dá a dúró síbẹ̀.

Nínú Subtitle Edit, ètò tí wọ́n fi ń tún sọbutáítù ṣe, ẹ lọ sí Synchronization, Adjust all times, ẹ tẹ 00:12:26,800 sí i, kí ẹ sì tẹ Show earlier. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ẹyọ kan wò nítòsí òpin. Bó bá dọ́gba níbẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń jìnnà síra bó ṣe ń lọ, kì í ṣe gígé ló fà á, ìyára srt àti ti fídíò ni kò bára mu. Sísún ò lè tún ìyẹn ṣe.

Bí ẹ ò bá fẹ́ wọn ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí ffmpeg tún fídíò náà kọ. Ó máa pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n á bẹ̀rẹ̀ ní 12:30 gẹ́lẹ́, ìṣirò tí ẹ kọ́kọ́ ṣe á sì bá a mu:

```
ffmpeg -ss 00:12:30 -i odindi.mkv -t 450 -c:v libx264 -c:a aac gige.mp4
```

Ìṣẹ́jú àáyá 450 ni ìṣẹ́jú méje àbọ̀ tó wà láàárín 12:30 sí 20:00.

Tí ẹ bá ń fi srt pamọ́, UTF-8 ni kí ẹ yàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn lẹ́tà bí ẹ, ọ àti ṣ á di ohun tí kò ṣeé kà. Kí ẹ sì rí i dájú pé srt tuntun náà ni ẹ̀rọ ṣí. Mo ti fi wákàtí kan gbáko tún fáìlì kan ṣe rí, láìmọ̀ pé ti àtijọ́ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú fídíò ni ó ń gbé jáde.