Ohun tí síìpù iwájú máa ṣe fún ìyá ọlọ́mọ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, bùbù àdìrẹ ni mò ń tà lórí ayélujára. Ohun tí mo kọ sábẹ́ àwòrán ni: “Bùbù àdìrẹ, òwú gidi, gígùn ínǹṣì 54, síìpù ínǹṣì 12 níwájú, àpò méjì, fríì sáìsì.” Àwọn èèyàn ń wò ó, wọn kì í rà á. Báwo ni kí n ṣe tún un kọ?

Ìdáhùn: Ẹ má pa ìwọ̀n wọ̀nyẹn rẹ́ o, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kó wọn sí. Ẹni tó ń wo aṣọ lórí fóònù kò lè fọwọ́ kàn án, kò sì mọ ohun tí síìpù ínǹṣì 12 fẹ́ ṣe fún òun. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ fún un.

Ẹ kọ́kọ́ mú oníbàárà kan ṣoṣo sọ́kàn. Lójú tèmi, síìpù iwájú yẹn ti yan ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú fún yín. Ẹ wá padà ka ohun tí irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ti ń bi yín ní Wásáàpù, kí ẹ lo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ohun tí aṣọ ní, kí ẹ máa bi í pé, “Kí ló máa ṣe fún un?” Síìpù wà níwájú, ó ń ṣí. Bó bá ṣí ńkọ́? Ọmọ á mu ọmú láìjẹ́ pé ìyá ká aṣọ sókè láàárín èrò. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró. Bí ẹ bá tún lọ síwájú tó di “inú yín á dùn”, ẹ ti kọjá ibi tó yẹ, torí kò sí aṣọ tí a kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Bí màá ṣe kọ ọ́ rèé:

“Ọmọ ń sunkún lóde ìsọmọlórúkọ? Ẹ fa síìpù iwájú wálẹ̀, kó mu ọmú, ẹ ò ní ká aṣọ sókè. Òwú ni, ó ń fa òógùn mu, kò sì há mọ́ ikùn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Fóònù yín wọ àpò kan, aṣọ ìnujú ọmọ wọ èkejì.
Gígùn: ínǹṣì 54. Síìpù: ínǹṣì 12.”

Mo yọ “fríì sáìsì” kúrò torí kò dáhùn ìbéèrè ẹnikẹ́ni. Ẹ wọn àyà àti ìbàdí aṣọ náà, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì sọ bí ẹni tó wọ̀ ọ́ nínú àwòrán ṣe ga tó àti ibi tí aṣọ dé lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fún ìyá ọlọ́mọ kan wọ̀, kó fi fún ọmọ lọ́mú. Bí síìpù náà kò bá sọ̀ dé ibi tó yẹ, ẹ gbé aṣọ padà fún télọ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ bò ó. Àdìrẹ tuntun sì lè yọ aró sára ìborùn funfun ọmọ. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ kí ẹ tó tà á, tàbí kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé kí wọ́n dá a fọ̀ ní omi tútù. Ẹ má kọ “aró rẹ̀ kì í ṣí láé”.

Ìbéèrè tí wọ́n bá ń bi yín lẹ́yìn náà ló máa sọ bó ṣe rí. Bí wọ́n bá ṣì ń bi yín pé “ṣé mo lè fi fún ọmọ lọ́mú?”, gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn kò tíì hàn tó, ẹ tún un kọ. Bó bá jẹ́ “ẹ lè gbé e dé Ìbàdàn kó tó di Sátidé?” ni wọ́n ń bi yín, ọ̀rọ̀ yín ti wọlé.