Ímeèlì ìjábọ̀ iṣẹ́ tó gùn jù

"Ẹ jọ̀wọ́, ímeèlì tí mo fi ń jábọ̀ iṣẹ́ kànga wa n'Ìjẹ̀bú-Òde gùn, ìgbìmọ̀ kì í fèsì. Báwo ni kí n ṣe tún un tò?"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ṣágámù: ìpínrọ̀ keje ni mo ti tọrọ owó, kò sẹ́ni tó kà á débẹ̀.

Ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe ni kó ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí àkọlé kékeré kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ ròyìn. "Ìṣòro" kò sọ nǹkan kan. "Iṣẹ́ dúró nítorí páìpù" ló sọ ọ́. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi àmì dúdú kékeré to kókó méjì sí mẹ́rin. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ kan; bí iṣẹ́ náà bá ṣì kù, kó ní ẹni tó ń ṣe é àti ọjọ́:

Ẹ fọwọ́ sí owó páìpù kó tó di ọjọ́ Ẹtì
- Kànga: gbígbẹ́ ti parí
- Páìpù: akápò yóò rà á lọ́jọ́ Ajé, bí ẹ bá fọwọ́ sí i

Ṣùgbọ́n ẹ má gé ìdí tí owó fi lé sí kókó-kókó o. "Nítorí" máa ń sọnù níbẹ̀. Gbólóhùn méjì tó so pọ̀ ló dáa.

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ka àwọn àkọlé nìkan lórí fóònù. Bí ohun tẹ́ ẹ ń tọrọ kò bá hàn, ẹ tún wọn kọ.